Ẹ Má Kánjú San Gbèsè Ilé NHF

Bí àjẹsílẹ̀ owó oṣù bá ti wọlé ní ọ́fíìsì ìjọba, ìmọ̀ràn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́: "Lọ fi san lára gbèsè ilé rẹ, kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ó ti wọ̀ wá lára débi pé ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, tí kò gbé e lọ sórí gbèsè ilé, aláìnírònú ni wọ́n ń kà á sí. Mo mọ ibi tó ti wá. Wọn ò tọ́ wa láti máa fi gbèsè ṣeré. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó yáwó ilé lábẹ́ NHF, àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, tó sì tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí, àdánù ló ń ṣe fún ara rẹ̀.

Òfin ọdún 1992 ló gbé NHF kalẹ̀. Ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń yọ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí pépà owó oṣù. Ẹni tó bá ti ń dá a fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lè béèrè owó ilé níbẹ̀, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, bọ́ǹdì ìfipamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún ará ìlú ń mú èlé bí ìdá 17 sí 18 wá lọ́dún. Ìjọba kan náà ló yá ọ lówó ní ìdá 6, òun náà ló tún ń wá owó yá lọ́wọ́ rẹ nígbà náà ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ iye yẹn, ó kéré tán. Kí wá ni ìkánjú?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ẹni ọdún 38, yá ₦10,000,000 fún ogún ọdún ní ìdá 6. Iye tí yóò máa san lóṣooṣù jẹ́ bíi ₦71,643. Nínú èyí tó kọ́kọ́ san, ₦50,000 ni èlé, ₦21,643 tó kù ló dín ojú owó tó yá kù. Bó bá ń san án bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, gbogbo èlé tí yóò san jẹ́ bíi mílíọ̀nù méje lé díẹ̀.

Ó tún ń rí ₦50,000 fi pa mọ́ lóṣù. Bó bá ń fi í kún owó ilé, gbèsè yóò tán ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́wàá, yóò sì bọ́ lọ́wọ́ èlé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Mílíọ̀nù mẹ́rin yìí ni àwọn agbaninímọ̀ràn máa ń gbé sókè fún wa rí. Wọn ò parọ́, òótọ́ ni. Wọn kàn dákẹ́ nípa ohun tí ₦50,000 yẹn ìbá ti dì láàárín àkókò kan náà ni.

Ká ní ó ń kó o sínú bọ́ǹdì dípò bẹ́ẹ̀. Mi ò ní lo ìdá 17, torí èlé bọ́ǹdì máa ń lọ sókè sódò, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò wà lọ́dún mẹ́jọ sí i. Ẹ jẹ́ ká gé e wálẹ̀ sí ìdá 12, ká sì gbà pé gbogbo èlé tó bá wọlé ló ń dá padà sínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́wàá bá pé, yóò ní bíi ₦9,350,000 lọ́wọ́. Gbèsè tó kù lọ́rùn rẹ̀ nígbà náà yóò jẹ́ bíi ₦6,980,000. Bó bá wù ú, kó san gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, yóò ṣì ku mílíọ̀nù méjì àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ó lé. Ọjọ́ kan náà ni òun àti ẹni tó ń kánjú san án bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, àmọ́ owó wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ọ̀wọ́n ọjà náà tún ń bá a ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 ni àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè kéde pé ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n ₦71,643 kò kúrò ní ₦71,643. Náírà tí yóò fi san án lọ́dún kẹẹ̀ẹ́dógún kò ní lágbára bíi tòní rárá, ẹni tó bá sì kánjú, náírà tó ṣì lágbára ló ń kó sílẹ̀ láti pa gbèsè tó ń gbẹ fúnra rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ilé kì í sá lọ, ó dára kí owó wà nínú rẹ̀." Èyí gan-an ló máa ń dà mí láàmú jù. Ká ní o ti san mílíọ̀nù kan ṣáájú, tí iṣẹ́ wá bọ́ lóṣù tó ń bọ̀, báńkì kò ní torí ìyẹn sọ pé kí o sinmi. Wọ́n ṣì ń retí ₦71,643 wọn. Owó tó ti wọnú ilé, àfi kí o ta ilé kó tó jáde. Èyí tó wà nínú bọ́ǹdì, o lè rán alágbàtà rẹ kó bá ọ tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o lè pàdánù díẹ̀ bí o bá tà á kó tó pé.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti máa gbà fún wọn. Bó o bá mọ̀ pé ₦50,000 yẹn kò ní dé bọ́ǹdì, pé aṣọ ẹbí ni yóò gbé e lọ, yáa san gbèsè. Èrè ìdá 6 sàn ju asán lọ. Bọ́ǹdì ìfipamọ́ náà kò le rà: DMO, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè ìjọba àpapọ̀, ń tà á lóṣooṣù, ₦5,000 ló kéré jù, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò, èlé sì ń wọlé sí àkáǹtì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibi tí àwọn tó ń rà á ti ń kùnà ni pé wọ́n ń ná èlé yẹn. Bí o bá ń ná an, ìṣirò mi òkè yẹn kò dúró mọ́.

Ẹ má wá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sórí owó ilé tí ẹ yá ní báńkì olówò o. Nígbà tí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 25, mílíọ̀nù mẹ́wàá kan náà fún ogún ọdún yóò máa gba bíi ₦209,800 lóṣù. Nínú èyí tó kọ́kọ́ san, èlé nìkan kó ₦208,333. Ohun tó dín kù lára ojú owó kò tó ₦1,500! Bí ẹni náà bá ń fi ₦50,000 kún un lóṣooṣù, ogún ọdún yóò di nǹkan bí ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Kò sí bọ́ǹdì ìjọba tó ń ṣe irú èrè yẹn láìsí ìfòyà kankan. Báńkì olówò sì lè gbé èlé sókè nígbàkígbà bí ìwé àdéhùn bá fàyè gbà á. Ní ti èyí, òótọ́ làwọn ará ọ́fíìsì ń sọ: ẹ san án.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ lé e, pé ojú owó ni kí àfikún náà lọ bá, àti pé ọdún gbèsè ni kí wọ́n dín kù. Ẹ wo ìwé àdéhùn bóyá ó ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá tètè san. Bí ẹ bá ti san, ẹ gba ètò ìsanwó tuntun lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí gbèsè yóò parí níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà kò bá yí padà, a jẹ́ pé wọ́n kàn fi owó yín san ti àwọn oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n dín iye tí ẹ ń san lóṣù kù. Ẹ padà lọ bá wọn pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn.