Áísì kirìmù tó di yìnyín: kirìmù kọ́ ló kéré

Bí èèyàn bá ṣe áísì kirìmù nílé tó ń rún gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ lẹ́nu, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò máa gbọ́: "Kirìmù rẹ ló kéré. Fi kún un, kí o sì dín ṣúgà kù." Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò náwó sí i, yìnyín náà kò sì ní lọ. Ó tilẹ̀ lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Ká ní kílò kan la fẹ́ pò: mílíkì olómi 540 gíráàmù, kirìmù 270, ṣúgà 150, mílíkì lẹ́búlẹ́bú 40. Bí ọ̀rá inú kirìmù náà bá jẹ́ ìdá 35 nínú 100, ọ̀rá gbogbo àpòpọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 11, omi inú rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bí 630 gíráàmù. Ó yá, ká tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn: kirìmù di 400, ṣúgà di 80, mílíkì olómi di 480. Ọ̀rá gòkè sí nǹkan bí ìdá 16. Omi ńkọ́? Ó ti lé sí nǹkan bí 655, torí pé omi ló ju ìdajì lọ nínú kirìmù fúnra rẹ̀. A fi owó ra omi kún omi, a sì dín ṣúgà kù dé bí ìdajì.

Ṣúgà yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí omi dì tán. Ọ̀rá kì í yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè dá dídì rẹ̀ dúró. Àpòpọ̀ àkọ́kọ́ wa kò ní bẹ̀rẹ̀ sí dì títí yóò fi tutù dé nǹkan bí dígírì 2 lábẹ́ òdo. Bí apá kan omi rẹ̀ bá sì ti di yìnyín, ṣúgà á ki sí i nínú èyí tó kù, dídì ìyẹn á tún ṣòro sí i. Kódà nínú fírísà tó wà ní dígírì 18 lábẹ́ òdo, omi ṣúgà díẹ̀ ṣì wà tí kò dì, òun ló ń jẹ́ kí ṣíbí wọlé. Àmọ́ bí ṣúgà bá pọ̀ jù, áísì kirìmù náà kò ní dì dáadáa rárá.

Iṣẹ́ ọ̀rá yàtọ̀: ó ń jẹ́ kó dán lórí ahọ́n, ó sì ń di afẹ́fẹ́ mú. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ á pò ó di bọ́tà.

Títóbi hóró yìnyín ló kù. Èyí tí kò bá ju ìdá kan nínú 20 mìlímítà lọ, ahọ́n kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Ara ògiri abọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: omi á dì pẹlẹbẹ níbẹ̀, abẹ á ha á kúrò, á tú u sínú àpòpọ̀. Bí abọ́ bá tutù gan-an, hóró kéékèèké tó pọ̀ ló ń wá, iṣẹ́ á sì parí láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Bí abọ́ kò bá tutù tó, tàbí tí a da àpòpọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, yíyí á pẹ́, àwọn hóró kéékèèké á yọ́, omi wọn á lọ dì mọ́ àwọn ńlá. Àwọn kan á wá ní kí ẹ̀rọ máa sáré sí i. Eré náà ń ti afẹ́fẹ́ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífi ara gbún ara ń mú ooru wá, ọ̀rá sì tètè ń di bọ́tà. Ẹ fi abọ́ sínú fírísà fún wákàtí 24, kí ẹ sì tọ́jú àpòpọ̀ sínú fíríjì mọ́jú.

Afẹ́fẹ́ ń ya hóró yìnyín nípá. Ìwọ̀n rẹ̀ kò nira: bí ife kan bá gba 250 gíráàmù àpòpọ̀ kí ẹ tó yí i, tó wá gba 200 péré lẹ́yìn náà, ó ti wú ní ìdá 25 nínú 100. Èyí dára púpọ̀ fún ti ilé.

Bí ó bá ṣì ń rún lẹ́nu, ẹ gbé díẹ̀ sórí ahọ́n kí ẹ dúró. Bí hóró náà bá yọ́ kíákíá, yìnyín ni. Bí ó bá dà bí iyanrìn tó ń pẹ́ kó tó yòrò, ṣúgà inú mílíkì ló dì. Ẹ dín mílíkì lẹ́búlẹ́bú kù. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ọ̀rá, bọ́tà ni: kirìmù yín ti pọ̀ jù, tàbí kí ẹ̀rọ ti sáré jù.