Mátíìsì 34, ṣíìtì ní ọmọ yege!

Kí ló dé gan-an tí ṣíìtì èsì ilé-ìwé tí ẹ ń fi Ẹksẹ́ẹ̀lì ṣe ò fi lè tọ́ ní sáà kẹta? Òfin ìgbéga wà lára ògiri ọ́fíìsì, kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n: ọmọ tí kò bá gba 50 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti 50 nínú Mátíìsì kò gbọdọ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn, ì báà gba 100 nínú gbogbo èyí tó kù. Síbẹ̀, ọmọ tó gba 34 nínú Mátíìsì á gbé káàdì délé, "Ó yege" á wà níbẹ̀ gàdàgbà. Bí wọ́n bá bi ọ̀gá, á ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Kọ̀ǹpútà wo? Ẹ̀yin tí ẹ kọ fọ́múlà ni!

Ká ní iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà lórí ṣíìtì, láti C dé L. Gẹ̀ẹ́sì wà ní C, Mátíìsì ní D, ìpíndọ́gba ní M. Ohun tí ẹ sábà máa ń kọ rèé:

```
=IF(M2>=70,"Ìyìn",IF(M2>=50,"Ó yege",IF(D2<50,"Kò yege","Tún wò")))
```

IF kì í ka gbogbo ọ̀rọ̀ tán kó tó dáhùn. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ bá òótọ́ pàdé ló ń dúró sí. Ẹ fi ọmọ kan dán an wò: Mátíìsì 34, Gẹ̀ẹ́sì 61, àwọn mẹ́jọ yòókù 78, 82, 71, 69, 74, 80, 66 àti 75. Àpapọ̀ rẹ̀ 690, ìpíndọ́gba 69. Fọ́múlà rí i pé 69 ju 50 lọ, ó kọ "Ó yege", ó tán. Kò tilẹ̀ dé ibi tí D2 wà. Ọmọ tí ìpíndọ́gba rẹ̀ kò tó 50, tó ti kùnà tẹ́lẹ̀, nìkan lẹ wá ń bi léèrè Mátíìsì!

Èyí tó ń bí ni nínú jù ni ti ọmọ tí máàkì rẹ̀ yòókù bá ti ẹni yẹn mu, àmọ́ tí kò wá ṣe ìdánwò Mátíìsì rárá. Olùkọ́ á kọ AB sí D2. AVERAGE kì í ka ọ̀rọ̀, nọ́ńbà nìkan ló ń kà, nítorí náà á pín 656 sí mẹ́sàn-án, á sì fún un ní 72.9. Ẹni tó jókòó ṣe é gba 69, ẹni tó sá gba "Ìyìn"! Ẹ̀yin tí ẹ sì rò pé `D2>=50` á gbà yín sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Lójú Ẹksẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ tóbi ju nọ́ńbà èyíkéyìí lọ, nítorí náà TRUE ni AB á fún yín.

Àwọn kan á ní àwọn ń yọ máàkì 15 fún ẹni tó bá kùnà Mátíìsì. 69 yọ 15, ó ku 54, ó ṣì yege. Kí lẹ wá ṣe? Dandan kì í ṣe ohun tí à ń yọ tàbí tí à ń fi kún. Ẹni tó gba 310 nínú Jáǹbù, tó sì ní D7 nínú Mátíìsì ní Wáẹ́ẹ̀kì, kò lè fi 310 ra C6 tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì.

Dandan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi, kẹ́ ẹ tó wo ìpíndọ́gba. Bí òfin yín bá tún ní kí ọmọ ní ó kéré tán ọ̀kan nínú Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólọ́jì, tí wọ́n wà ní E dé G, ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
=IF(COUNT(C2:D2)<2,"Wò ó",
 IF(MIN(C2:D2)<50,"Kò yege",
 IF(MAX(E2:G2)<50,"Kò yege",
 IF(M2<50,"Kò yege",
 IF(M2>=70,"Ìyìn","Ó yege")))))
```

COUNT ló ń mú AB àti àyè òfìfo. MIN wà fún èyí tí méjèèjì jẹ́ dandan, torí tí èyí tó kéré jù bá ti yege, èkejì ti yege. MAX wà fún èyí tí ọ̀kan ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ko sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú AND, ọmọ tí òfin gbà wọlé lẹ ń lé padà. Bí ilé-ìwé bá sì ka àìwá sí òdo, ẹ jẹ́ kí M2 jẹ́ `=SUM(C2:L2)/10`.

Kẹ́ ẹ tó tẹ káàdì kan ṣoṣo, ẹ fi ọmọ àfọwọ́dá mẹ́ta sórí ṣíìtì: Mátíìsì 34, Mátíìsì AB, Mátíìsì 50 géérégé, kí gbogbo yòókù jẹ́ 90. "Kò yege", "Wò ó", "Ìyìn" ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí 50 bá sì ń jáde ní "Kò yege", ẹ má tíì bú fọ́múlà, ẹ tẹ inú àpótí náà wò. Ó lè jẹ́ 49.6 ló wà níbẹ̀, tí ẹ ti gé désímà rẹ̀ kúrò lójú, tí ẹ sì ń pariwo pé ṣíìtì ń purọ́.