Oṣù mẹ́ta kéré jù: èrò mi lórí lílọ ṣe ìwádìí ní Jámánì

Èrò ọkàn mi rèé o. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá rí àǹfààní láti lọ ṣe ìwádìí fún ìgbà díẹ̀ ní Jámánì ló gbà pé físà inú páásípọ́ọ̀tù yẹn ló máa sọ àwọn di akẹ́kọ̀ọ́ oyè dókítà níbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tó ṣe kókó ni èyí tí wọ́n ń pè ní Betreuungszusage, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi ń jẹ́rìí pé òun á bójú tó iṣẹ́ rẹ. Yàtọ̀ sí àwọn ètò dókítà tó ní ìgbaniwọlé tirẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó yẹ ìwé rẹ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò rí ọ rí, tí ímeèlì irú tìrẹ kún àpótí rẹ̀, kí ni yóò fi dá ọ mọ̀? Èyí tí o ti bá ṣiṣẹ́ nínú láàbù rẹ̀ ti mọ bí o ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí iye oṣù tí o máa lò fi jẹ mí lógún ju orúkọ yunifásítì lọ. DAAD, àjọ ilẹ̀ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùwádìí lówó ìrànwọ́, máa ń fún àwọn tó ń ṣe oyè dókítà nílé lówó láti lọ ṣe ìwádìí fún oṣù kan sí mẹ́fà. Àwọn kan á kọ oṣù mẹ́ta sínú fọ́ọ̀mù, wọn ò fẹ́ kó dà bí ojúkòkòrò.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan n'Ìbàdàn tó ń fi èédú èèpo ẹ̀gẹ́ yọ òjé kúrò nínú omi. Ẹ̀rọ tó ń wọn ihò tíntìntín inú èédú náà ló wá lọ sí Jámánì. Ó débẹ̀, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó gba ẹ̀kọ́ ààbò láàbù. Lẹ́yìn náà, ó di kó tò fún ẹ̀rọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń lò ó. Èédú tó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ kò gbẹ dáadáa, èsì rẹ̀ kò ṣeé lò, ó tún tò. Nígbà tí èsì tó dára bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, oṣù kejì ti ń parí lọ. Kó tó lè tún un ṣe láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ó ti ń di ẹrù. Àlejò ni ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn máa rántí. Ká ní oṣù márùn-ún ló ní, ì bá ti gbé èsì rẹ̀ síwájú gbogbo ọmọ láàbù, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tó le, kó sì padà wá pẹ̀lú ìdáhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń mọ ẹni tó lè bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ físà náà tún wà níbẹ̀. Bí ìrìn àjò rẹ kò bá ju 90 ọjọ́ lọ, físà Ṣẹ́ńgẹ̀n, ìyẹn físà ìgbà díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni wàá gbà, o ò sì lè jókòó síbẹ̀ sọ ọ́ di físà ẹ̀kọ́. Wàá padà sílé, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bó bá ju 90 ọjọ́ lọ, físà orílẹ̀-èdè ni, wàá sì ní ìwé ìgbélùú. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbà ọ́, o lè lọ béèrè ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì bóyá wọ́n á yí i padà fún ọ láìwá sílé.

Ti ẹni tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ yàtọ̀. Erasmus+, ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, lè mú un lọ fún sẹ̀mẹ́sítà kan bí yunifásítì méjèèjì bá jọ ní àdéhùn, kò sì ní san owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ló ti máa gba dìgírì rẹ̀. Iṣẹ́ láàbù tàbí sẹ́mínà kékeré tí olùkọ́ á ti mọ orúkọ rẹ̀ ni kó mú, kó fi kíláàsì ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn sílẹ̀. (Ẹ má sì jẹ́ kí màámi rí 1.3 nínú èsì láìṣàlàyé. Ní Jámánì, 1.0 ló ga jù, 5.0 ni ìjákulẹ̀.)

Betreuungszusage kì í ṣe owó o. Ọ̀jọ̀gbọ́n lè gbà ọ́ tọkàntọkàn kó má ní kọ́bọ̀. Bí o kò bá sì ní owó oṣù tàbí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, €11,904 lọ́dún ni iye tí wọ́n ń béèrè láti 2024 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ní nínú àkáǹtì tí wọ́n dè, tí kò ní lè kó gbogbo owó inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, má dúró dìgbà oúnjẹ ìdágbére kí o tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti gbé èsì rẹ síwájú àwọn ọmọ láàbù ni kí o lọ bá a pẹ̀lú ìwé ojú ewé méjì lórí iṣẹ́ tó kù. Bi í bóyá yóò gbà ọ́, kí o sì bi í níbi tí owó á ti wá. Bó bá ní kí o kọ̀wé sí DAAD, pé òun á kọ lẹ́tà fún ọ kí oṣù tó parí, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Bó bá ní ẹ ó máa kàn síra yín, yáa tètè wá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn.