Ohùn pẹ̀lẹ́ tó yọ obì lápò: ọ̀rọ̀ owó sáfíìsì láàárín ayálégbé àti onílé

"Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó." Bí ayálégbé bá ti ń bínú sí onílé lórí owó, òwe yìí ni wọ́n sáábà máa ń fi pa á lẹ́nu mọ́: "Rọra, bàbá ni." Á wá rọra, á sanwó, á wọlé, á máa kùn sínú. Èmi ò rò pé ohun tí òwe yẹn ń wí nìyẹn. Ohùn pẹ̀lẹ́ inú rẹ̀ kò dákẹ́ o. Ó sọ̀rọ̀, ó béèrè, obì sì jáde. Ẹni tó rọra, tí obì ṣì wà lápò olóbì, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Mákùn, ní Ṣágámù, ṣe àpẹẹrẹ. Fúláàtì márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ayálégbé mẹ́rin wà nínú mẹ́rin, onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ẹ̀karùn-ún. ₦350,000 ni owó ilé lọ́dún. Bí ọdún ṣe yípo, bàbá onílé fi ìwé ránṣẹ́ pé kí kálukú fi ₦120,000 kún un fún sáfíìsì ṣáàjì. Kò kọ ohunkóhun lẹ́yìn iye yẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè gbaná jẹ, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀, yálà owó ilé tàbí owó sáfíìsì. Bàbá ní kó yáa máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọfà ti jáde lápó nìyẹn.

Owó ilé tí nọ́ọ̀sì fẹ́ dì mọ́wọ́ yẹn ló lè ṣe é ní jàǹbá jù. Kò sí ẹni tó ń bá a jà lórí ₦350,000. Gbèsè tó dájú ni. Tó bá kọ̀ ọ́, bàbá ò ní í sọ̀rọ̀ sáfíìsì mọ́ ní kóòtù. Ohun tí yóò sọ ni pé ayálégbé òun kò san owó ilé, òótọ́ ni yóò sì jẹ́. Nítorí náà, kó san owó ilé lásìkò, kó fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì bàbá, kó kọ "owó ilé" sí i, kó sì gba rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà náà ló kù kó jókòó kọ lẹ́tà.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Bó bá jẹ́ èmi ni nọ́ọ̀sì yẹn, ohun tí n óò kọ nìyí: "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo ti fi owó ilé ránṣẹ́ lónìí. Ní ti ₦120,000 owó sáfíìsì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ohun tí owó náà wà fún, iye tí a ń ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iye fúláàtì tí ẹ pín in sí. Bí mo bá ti rí i, èyí tó bá kàn mí, n óò san án." Kó kọ déètì sí i, kó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí bàbá fọwọ́ sí ọ̀kan pé ó dé ọwọ́ òun. Bí bàbá kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wàsáàpù. Kò sí "ẹ fẹ́ jà wá lólè" níbẹ̀, kò sì sí lọ́yà. Síbẹ̀ ìbéèrè mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ ẹnu dáhùn.

Ìkẹta nínú wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń mówó wálẹ̀ jù. Ká ní bàbá kọ ọ́ wá báyìí: mẹ́gáàdì, ₦20,000 lóṣù, ₦240,000 lọ́dún, epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi, ₦72,000, àwọn tó ń kó pàǹtírí, ₦36,000, gbígbọ́n sọ́kàwéè, ₦52,000, kíkun ara ilé lọ́dà, ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ₦120,000 gẹ́ẹ́. Bàbá ò purọ́, ìṣirò rẹ̀ pé.

Àmọ́ ẹ tún un wò. Mẹ́gáàdì, omi, pàǹtírí àti sọ́kàwéè, ohun tí ará ilé ń lò tán lójoojúmọ́ ni. Ọ̀dà ara ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ni ó ń bu iyì kún, ilé sì ní onílé. Bí ayálégbé bá kó lọ lọ́la, kò ní í bó ọ̀dà lára ògiri dání. Irú rẹ̀ náà ni òrùlé tuntun, odi tí wọ́n fẹ́ gbé ga sí i, àti owó éjẹ́ǹtì tó bá onílé wá ayálégbé. Àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ọ́ kedere, ẹrù onílé ni. Ẹ yọ ₦80,000 kúrò, ó ku ₦400,000.

Ta ló wá ń pín in? Bàbá náà ń pọn omi yẹn, mẹ́gáàdì náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ rẹ̀. Fúláàtì márùn-ún ló ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ₦80,000 ló kan fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn onílé míì ò ní í gba ti èyí rárá, wọ́n á ní àwọn ni wọ́n kọ́lé. Bí bàbá bá takú síbẹ̀, ₦100,000 ni, ìyẹn ṣì fi ₦20,000 dín sí tàkọ́kọ́. Kí nọ́ọ̀sì san ₦80,000 tó dá a lójú báyìí, kó gba rìsíìtì, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí ìyókù ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí fúláàtì kan bá ṣófo, ìpín ti fúláàtì náà kò gbọ́dọ̀ já lé àwọn tó kù lórí.

Èèyàn máa ń mú òfin Èkó wá sí Rẹ́mọ. Òótọ́ ni pé òfin ayálégbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé onílé tó bá gba owó sáfíìsì gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì ọ̀tọ̀, àti pé ayálégbé lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná owó náà, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ṣágámù wà. Ẹ lè sọ fún bàbá pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́bàá wa níbí nìyẹn. Ẹ má fi dẹ́rù bà á. Ohun tó lágbára lọ́wọ́ yín ni ìwé àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Bí kò bá dárúkọ owó sáfíìsì rárá, bàbá ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tuntun, ẹ sì lè dúnàádúrà.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo onílé tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ ló ń jalè. Owó epo kì í dúró lójú kan, ọ̀pọ̀ bàbá ló sì ń fi owó ara wọn dí ihò láìsọ. Wọn ò kọ ọ́ ni, ìtìjú ìyẹn ló ń di ìbínú nígbà tí ayálégbé bá béèrè. Àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí wọ́n máa ń fi owó ṣẹ̀fẹ̀ fún, kò yẹ kí nǹkan yìí ṣòro fún wa. Alájọ kì í gba owó lọ́wọ́ wa láìfàmì sí káàdì, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ pé à ń fura sí i. Ìwé ọlọ́gọ́ta ojú-ewé kan tó fún onílé: déètì, ohun tó rà, iye rẹ̀, kí rìsíìtì wà láàárín ìwé. Níparí ọdún, kó ṣírò ohun tó ná gan-an mọ́ ohun tó gbà. Bó bá ṣẹ́kù, kó yọ ọ́ nínú tọdún tó ń bọ̀; bó bá sì jẹ gbèsè, kó fi ìwé han àwọn ayálégbé.

Bí lẹ́tà ti dé ọwọ́ bàbá tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá láìsí èsì, kí ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fọwọ́ sí èkejì, kí wọ́n mú un lọ bá àgbà àdúgbò kan tí bàbá ń tẹ́tí sí. Bí ìyẹn náà bá já sí pàbó, kóòtù Májísíréètì ló kù, ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì àti rìsíìtì owó ilé ni kí wọ́n kó dání lọ. Kí ọdún mìíràn tó dé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tuntun: àwọn nǹkan tí owó sáfíìsì wà fún, iye fúláàtì tí yóò máa pín in, àti oṣù tí onílé yóò máa fi àkọsílẹ̀ hàn.