Ta ló sọ fún yín pé dò ni C?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù nínú ìjọ wa fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí ni, ojú fóònù rẹ̀ ló ti yà á. Nóòtì mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀, ó sì ti fi lẹ́tà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn:

```
C D E C G F E B C
```

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá mo gbà á."

Mo wò ó. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ sí i. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó fi tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́, orin náà gún régé. Ẹni tó bá mọ orin ọ̀hún á máa bá a kọ ọ́ lọ ni. Báwo lèèyàn ṣe máa kùnà mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án, tí orin á sì tún dùn?

Ohun tó fà á ni ìgbàgbọ́ kan tó ti jinlẹ̀ lọ́kàn àwa tí a kọ́ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì: pé dò ni C, re ni D, mí ni E, títí dé tí tó jẹ́ B. Mo ti rí i lára ògiri yàrá ìdánrawò, tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá akọrin tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti fà tu. Bí wọ́n bá kọ orin sí kíì C, ìyẹn ni pé C ni wọ́n fi ṣe ilé orin náà, òótọ́ ni. Nínú kíì yòókù, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòrán náà. Níbẹ̀rẹ̀ ìlà, lápá òsì, àmì ńlá kan wà tó ká kọ́rọkọ̀rọ bí ìrù ọ̀gà. Kílẹ́ẹ̀fù ni. Lẹ́tà G ni àmì yẹn ní ayé àtijọ́, ọwọ́ àwọn akọ̀wé ló sọ ọ́ di bó ṣe wà lónìí. Ibi tí ìrù rẹ̀ ti ká lọ́bìírí ni ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, ohun tó sì ń sọ ni pé, "Ìlà tí mo ká mọ́ yìí ni G." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ la ó ti máa kà á: àlàfo tó wà lókè G ni A, ìlà tó tẹ̀ lé e ni B, àlàfo tó tún tẹ̀ lé e ni C, ìlà kẹrin ni D. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ láti G, àlàfo àkọ́kọ́ ni F, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni E. Lẹ́tà méje péré ló wà, A títí dé G. Bí a bá dé G, a tún bẹ̀rẹ̀ láti A.

Lẹ́yìn kílẹ́ẹ̀fù, àmì ṣáápù kan, `#`, wà lórí ìlà òkè pátápátá. Ìlà yẹn ni F nínú kílẹ́ẹ̀fù yìí. Ohun tí ṣáápù náà ń sọ ni pé gbogbo F tó bá wà nínú orin yìí, ì báà jẹ́ ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, F# ni ká kà á sí, ìyẹn ohùn tó fi ìgbésẹ̀ kékeré kan ga ju F lásán lọ. Ibi tí wọ́n ti máa ń fojú fò ó gan-an nìyí, nítorí pé òkè ni wọ́n fi ṣáápù sí, nóòtì tó kàn sì lè wà nísàlẹ̀.

Wàyí o, ẹ ka nóòtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án pẹ̀lú mi. Àkọ́kọ́ wà lórí ìlà kejì: G. Èkejì wà nínú àlàfo kejì: A. Ẹ̀kẹta wà lórí ìlà kẹta: B. Ẹ̀kẹrin padà sórí ìlà kejì: G. Ìkarùn-ún fò lọ sórí ìlà kẹrin: D. Ìkẹfà bọ́ sínú àlàfo kẹta: C. Ìkeje wà lórí ìlà kẹta: B. Ìkẹjọ sọ̀ kalẹ̀ sínú àlàfo àkọ́kọ́: F ni, ṣùgbọ́n ṣáápù òkè yẹn ti sọ ọ́ di F#. Ìkẹsàn-án gòkè díẹ̀ sórí ìlà kejì: G.

```
G A B G D C B F# G
d r m d s f m t  d
```

Mo fi sólífà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè rí i. Ọmọ yẹn mọ sólífà yìí dáadáa. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ṣáápù bá jẹ́ ẹyọ kan, orí ìlà kejì ni dò máa jókòó sí, òun náà sì kà á bẹ́ẹ̀, kò ṣìnà. Ìgbésẹ̀ kejì ló ti já sí kòtò: ó mú sólífà tó kà tọ̀nà, ó wá yí i padà sí lẹ́tà, bí ẹni pé dò kò ní ilé mìíràn láyé ju C lọ.

Ìdí tí orin náà sì fi dùn lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nìyí. Gbogbo nóòtì ló ṣí kúrò ní àyè wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ṣí. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò yí padà. Láti mí sí fà, ìgbésẹ̀ kékeré ni, ìyẹn láti bọ́tìnì kan lójú kíbọ́ọ̀dù sí èyí tó sún mọ́ ọn jù, dúdú tàbí funfun. Nínú G, B sí C ni ìgbésẹ̀ yẹn. Nínú C, E sí F ni. Etí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ ìyàtọ̀ tí kò bá sí ohun mìíràn tó máa fi wé e. Nítorí náà, ẹni tó ń dá kọrin nínú yàrá lè gbé ìgbàgbọ́ yìí dání fún ọdún mẹ́wàá, kí ohunkóhun má sì tú u fó.

Ọjọ́ tó máa tú ni ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ka ojú ìwé kan náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi nígbà ìdánrawò kan: aludùùrù mú C, ẹni tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì ka ohun tó wà níwájú rẹ̀, ó sì mú G. Ariwo tó jáde kò ṣeé fẹnu sọ. Olúkúlùkù ń búra pé orin òun dára, àwọn méjèèjì kò sì parọ́. Kìkì pé orin méjì ni wọ́n ń lù.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Bí bàbá àgbà bá pe "ọkọ̀", tí ọmọ ọdún mẹ́ta náà sì pe "ọkọ̀", dò ọmọ yẹn lè ga ju mí bàbá lọ fíìfíì, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ọmọ náà ṣì í pè. Ohùn ẹni ló ń sọ ibi tí dò ẹni wà. Bákan náà ni sólífà inú orin: kíì ló ń sọ ibi tí dò rẹ̀ wà.

Àwọn tó ṣe ètò náà kò sì fi pamọ́. Sarah Glover, olùkọ́ kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ètò sólífà kan fún àwọn ọmọdé. John Curwen, pásítọ̀ tó gbé ayé láti 1816 sí 1880, mú un tún ṣe, ó sì tàn án káàkiri. Ẹ ṣí ìwé orin èyíkéyìí tí wọ́n fi ètò yìí tẹ̀. Lókè orin, kí `d` àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ `Key G` tàbí `Doh is G`. Bó bá jẹ́ pé C ni dò ní gbogbo ìgbà, kí ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí fún? Kódà ṣáájú wọn, ní ọ̀rúndún kọkànlá, nígbà tí orúkọ àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ `ut` nínú ẹ̀kọ́ Guido ará Arezzo, ètò tó ti inú ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde jẹ́ kí `ut` lè jókòó sórí C, sórí F tàbí sórí G.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi òótọ́ kan kún un kí àwọn ará wa ní Pọ̀bẹ́, Kétu àti Pọ́tò-Nóvò má baà bínú. Lọ́dọ̀ yín, tí ẹ ti fi èdè Faransé kọ́ orin, dò ni C lóòótọ́. Do, ré, mi tiyín, orúkọ nóòtì ni, bí lẹ́tà ṣe jẹ́ orúkọ nóòtì lọ́dọ̀ tiwa. B ni ẹ ń pè ní si, kò sì sí kíì tó lè gbé do yín kúrò níbi tó wà. Bí ará Abẹ́òkúta àti ará Pọ́tò-Nóvò bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ là wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà tí ẹ kọ tọ̀nà, ẹ má fi etí dán an wò nìkan, nítorí etí ti dalẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá nóòtì kan tó wà lórí ìlà tí ìrù kílẹ́ẹ̀fù ká mọ́. Bí ẹ kò bá kọ G sí abẹ́ rẹ̀, gbogbo ìyókù náà ló ní àrùn. Etí máa wúlò fún ṣáápù tí ẹ bá gbàgbé. Ẹ lu àwòrán yìí pẹ̀lú F lásán dípò F#, ẹ ó gbọ́ pé nóòtì ìkẹjọ kò fà yín lọ sílé mọ́. Orin máa dà bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà, tí kò wọlé.

Ohun tí mo sọ nípa ìlà kejì yìí, kílẹ́ẹ̀fù G nìkan ló kàn. Nínú kílẹ́ẹ̀fù ti bẹ́ẹ̀sì, tó dà bí etí tó ní ẹ̀kán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà kẹrin tó wà láàárín ẹ̀kán méjèèjì ni F. Ìlà kejì rẹ̀ wá jẹ́ B.

Ọmọ náà tún gbogbo rẹ̀ kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti gé e kó lè fẹ̀ dáadáa lójú fóònù, nóòtì mọ́ kedere, kò sí kílẹ́ẹ̀fù, kò sí ṣáápù, kò sí fíláàtì. "Ẹ̀gbọ́n, ìlà kejì lèyí tó ṣáájú. Ṣé G ni?"

Mo ní kó lọ ya apá òsì rẹ̀ wá.