Akẹtẹ̀ etí fífẹ̀ kì í ṣe agboòrùn o

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kaṣú ni mò ń rà ní Kábà, mo máa ń sá a lórí tapólì kí n tó tà á fáwọn tó ń kó o lọ, torí náà láti oṣù kejì títí dé ìparí oṣù kẹrin, inú òòrùn ni mò ń gbé. Lọ́dún yìí mo ra akẹtẹ̀ kan, koríko híhun ni, mo fi tépù télọ̀ wọn etí ẹ̀, ó fẹ̀ tó ínṣì 4. Gbogbo ọjà ló ń kí mi kú oríire, wọ́n ní ẹni tó bá ti dé irú ẹ̀, òòrùn ò lè rójú ẹ̀ mọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Irọ́ ni jàre. Nígbà tí kaṣú fi máa tán, ojú mi ti pín sí méjì, iwájú orí pọ́n bó ṣe wà, àgbọ̀n àti ọrùn wá dúdú bí ìdí ìkòkò, àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí.

Òjìji lẹ fi máa mọ ohun tó fà á. Ẹ wo òjìji yín nílẹ̀, tó bá gùn tó yín gẹ́lẹ́ (níhìn-ín ó máa ń jẹ́ nǹkan bí aago 9:30 àárọ̀ àti 3:30 ọ̀sán), etí ínṣì 4 á ṣíji bo ínṣì 4 lójú yín, látibi ìpéǹpéjú dé ètè òkè, ó tán, ẹnu àti àgbọ̀n wà níta. Tí òjìji yín bá gùn tó yín lẹ́ẹ̀mejì, ínṣì 2 péré lẹ máa rí, kò ní ju àárín imú lọ. Ṣùgbọ́n tí òjìji bá kúrú tó ìdajì yín, láti bí aago 11 sí aago 2, ínṣì 8 ni, ó dé ọrùn. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, òòrùn máa ń wà ní àtàrí wa gangan lágogo 12 kọjá díẹ̀ lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òjìji á sá sábẹ́ ẹsẹ̀, ìgbà yẹn lakẹtẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù, ìgbà yẹn náà sì lèmi ti máa ń wọ abẹ́ búkà lọ jẹun! Ọ̀sán tó rọ̀ díẹ̀, tí mo ń fi ráàkì yí kaṣú, ló ń fojú mi ṣe nǹkan.

Ìyá tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ọmọ mi, ó kéré ni, ra èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀." Màmá fúnra wọn ra ti ínṣì 7. Lóòótọ́ ó bo àgbọ̀n dáadáa, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ rọ̀, ó ń wó bojú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè kọjá lọ́nà ọjà láìjẹ́ pé ó gún un lójú, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn òjò àkọ́kọ́ fẹ́, ó gbé e lọ sínú ata ẹlòmíì. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ru ẹrù ńkọ́? Òṣùká ò lè jókòó lórí akẹtẹ̀, tèmi gan-an mo máa ń bọ́ ọ kọ́ ẹ̀yìn tí mo bá ń gbé àpò.

Nǹkan kejì tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé òòrùn tún ń ti ìsàlẹ̀ wá. Tapólì mi àwọ̀ fàdákà ni, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí ẹ̀, á tún ta padà sókè sábẹ́ etí akẹtẹ̀, abẹ́ ẹ̀ sì funfun, ó wá ń tàn sí mi lójú, gbogbo ọ̀sán ni mò ń di ojú kókó. Mo ti rò pé oorun ló ń kùn mí o. Lọ́jọ́ kan mo gún aṣọ aláró kan mọ́ abẹ́ etí náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tó lajú dáadáa wo òṣùwọ̀n. Kò dá àgbọ̀n mi sí o, ojú ló ràn lọ́wọ́. Fún àgbọ̀n àti ẹ̀yìn ọrùn (tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn á yọ síta porogodo), ìborùn fífẹ́lẹ́ ni mo ń wé sọ́rùn báyìí.

Akẹtẹ̀ náà ò burú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n hun ún pinpin, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà sókè sí òòrùn, kẹ́ ẹ wo òjìji ẹ̀ nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tótòtó bíi ti ajọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Okùn àgbọ̀n ẹ̀ já lóṣù kẹta, mo fi lásítíìkì pààrọ̀ ẹ̀. Òjò pa á lẹ́ẹ̀kan, etí ẹ̀ ká, mo gbé òkúta lé e lórí mọ́jú, ó tún tọ́ padà díẹ̀. Ní báyìí ó wà lórí ìṣó, Màmá oníṣu sì ti ń bi mí lọ́jà bóyá mo lè bá wọn gún aṣọ aláró mọ́ tiwọn náà.