Ata ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́jà: ìyísódì tó fara pamọ́ sínú "hardly"

Òfin kan wà tí àwọn ọmọ tó ń múra JAMB níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ lórí bí orúkọ ara wọn. Òfin náà ni pé kí wọ́n ka iye ìyísódì tó wà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, gbólóhùn dára. Tó bá ti di méjì, ó ti bàjẹ́, torí pé ìyísódì méjì máa ń pa ara wọn. Èmi náà fi kọ́ ọmọ títí. Ó sì rọrùn lóòótọ́. Ìbéèrè 180 ni wọ́n máa dáhùn láàárín wákàtí méjì nínú UTME, 60 nínú rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá pín in, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ìbéèrè kan, ta ló fẹ́ jókòó máa ro àròjinlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Sábó ni mo rí i pé òfin yẹn ló ń ti àwọn ọmọ mi sí kòtò. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo pátákó. Mo kọ gbólóhùn kan tó ní àṣìṣe, mo ní kí wọ́n yan èyí tó tún un ṣe:

```
There isn't hardly no pepper left in the market.

A. There isn't hardly any pepper left in the market.
B. There is hardly no pepper left in the market.
C. There is hardly any pepper left in the market.
D. There isn't scarcely any pepper left in the market.
```

Ọmọ mọ́kànlá ló wà níjókòó. Mẹ́fà mú A, mẹ́ta mú B, méjì mú D. Ẹnì kankan ò mú C, bẹ́ẹ̀ C ni ìdáhùn. Mo bi ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé jù láàárín wọn pé kí ló dé. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa kà á. 'Isn't' nìkan ló wà nínú A, ẹyọ kan nìyẹn. C ò ní nǹkan kan. A jẹ́ pé ata ti pọ̀ lọ́jà nínú C."

N ò rí nǹkan fọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀lé ohun tí mo kọ́ ọ láìyẹsẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa já sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti gbà pé ìyísódì ò lè wà níbi tí a ò bá ti rí "not" tàbí "no" tàbí "never". "Hardly" sì rèé, kò fi ibì kankan jọ ọ̀kankan nínú wọn. Àmọ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Yorùbá ná. Tí mo bá ní "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú," ẹ mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kó ṣubú. "Fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ni Òyìnbó ń pè ní "almost", kò sí ìyísódì kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá fi "kò" síwájú rẹ̀: "Ata ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lọ́jà." Ó ti di nǹkan mìíràn. Ata ṣì wà o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé apẹ̀rẹ̀ dé ọjà, ẹ máa wá a kí ẹ tó rí ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa fi se ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni àwa fi ṣe iṣẹ́ yẹn: "kò" ló yí i sódì, "fẹ́rẹ̀ẹ́" ló sọ pé ìyísódì náà ò dé òpin. Òyìnbó di méjèèjì pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, ó pè é ní "hardly". "Scarcely" náà nìyẹn.

"Kò" ti wà níkùn "hardly" kí ẹ tó gbé e sínú gbólóhùn. Ẹni tó bá kọ "isn't hardly" ti ní "kò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí", bí ẹni tó ń kólòlò. Mo sì rò pé ibí gan-an ni àwa Yorùbá ti ń ṣubú: orí wa ti ń sọ "kò fẹ́rẹ̀ẹ́", a bá fi "hardly" dípò "fẹ́rẹ̀ẹ́", a wá ń wá ibi tí a máa fi "kò" sí. A bá so "not" mọ́ ọn. Àwọn tó ni èdè náà gan-an máa ń sọ "can't hardly" lẹ́nu o, pàápàá ní Amẹ́ríkà, torí náà kì í ṣe ẹ̀bi Yorùbá nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ìwé ni kò gbà á, Gẹ̀ẹ́sì ìwé sì ni ìdánwò ń bèèrè.

Ẹ padà sí ata wa, kí ẹ ka "hardly" àti "scarcely" mọ́ ìyísódì. A ti di méjì, B di méjì, D di méjì. C nìkan ló ní ẹyọ kan.

Báwo la ṣe ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ tí kò bá sí "not" lára rẹ̀? Ẹ wo "any". Ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dá dúró nínú gbólóhùn lásán tó ń ròyìn nǹkan. Ẹ yọ "hardly" kúrò nínú C, ó di "There is any pepper left." Etí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ máa kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dá "hardly" padà, ara tù ú. Abẹ́ ìyísódì ni irú "any" yìí ń sá sí, ohun tó bá sì lè gbà á síbẹ̀, kí ẹ fura sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìrù. Ẹ mọ ìbéèrè kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí gbólóhùn, bí àwa ṣe ń sọ "àbí?". Tí gbólóhùn ò bá ní ìyísódì, ìrù rẹ̀ á ní. Tí gbólóhùn bá ní, ìrù ò ní ní mọ́. Ẹ wá fi wọ́n wé ara wọn:

```
He almost slept, didn't he?
He hardly slept, did he?
A few people came, didn't they?
Few people came, did they?
```

Ìlà méjì tó kẹ́yìn yẹn ti ba máàkì ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. "A" kékeré yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. Èyí tó ní "a" ń sọ pé èèyàn díẹ̀ wá. Èyí tí kò ní ń sọ pé èèyàn ò pọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rí "ò" tó yọjú nínú Yorùbá rẹ̀. "Seldom" àti "rarely" wà nínú ẹbí yìí, "barely" náà wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa ń dàrú mọ́ ọmọ lójú. Ẹni tó ní "I barely passed" yege. Agbára káká ló fi yege, àmọ́ ó yege. Tí ọmọ bá ro ìtumọ̀ yẹn nìkan, á ní kò sí ìyísódì níbẹ̀, á wá so ìrù òdì mọ́ ọn. Bí gírámà ṣe ń lo "barely" ni kó wò: "You can barely walk, can you?"

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ "hard" ṣá. Mo ti rí lẹ́tà tí ọkùnrin kan fi ń wáṣẹ́, tó fi gbogbo ẹnu kọ ọ́ pé "I work hardly". Òun rò pé òun ń sọ pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́kára.

Ó wá ku ìdajì kejì òfin wa, èyí tó ní ìyísódì méjì ń pa ara wọn. Nínú Yorùbá, òótọ́ ni láwọn ibì kan. "Kò ní ṣàì wá" túmọ̀ sí pé dájúdájú ó máa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará Amẹ́ríkà kan bá sọ pé "I didn't see nobody", kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó máa rò pé ó rí ẹnì kan. Ìyísódì kejì ò pa ti àkọ́kọ́, ṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Chaucer tó jẹ́ gbajúmọ̀ akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá máa ń to ìyísódì lérí ara wọn, kò sẹ́ni tó bá a jà. Àwọn onígírámà ọ̀rúndún kejìdínlógún, tí Robert Lowth tó padà di bíṣọ́ọ̀bù London wà lára wọn, ni wọ́n tan ìṣirò yìí kálẹ̀. Torí náà, tí ìdánwò bá fi àmì kíkọ̀ sí "didn't see nobody", àṣà Gẹ̀ẹ́sì ìwé ló ń tẹ̀lé. Ìtumọ̀ ò yí padà rárá.

Ìṣirò yẹn sì ń mú kí àwọn ọmọ fagi lé gbólóhùn tó dára. Wọ́n á rí "It is not unlikely", wọ́n á ka "not", wọ́n á ka "un-", wọ́n á ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n á rí "Nobody who did not register can enter the hall", wọ́n á tún fagi lé e. Kò sí àṣìṣe nínú méjèèjì. Inú ọ̀rọ̀ kan ni "un-" jókòó sí, kò dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà, oníkálukú ní ìyísódì tirẹ̀: "did not register" lọ́tọ̀, "nobody can enter" lọ́tọ̀. Ohun tí ìdánwò ń lé kiri ni ìyísódì méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà. Ní báyìí, ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi í pé ta ló yí ọ sódì, kí wọ́n má sì gbàgbé "hardly" àti ẹbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bèèrè.

Tí "hardly" bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń fò síwájú olùwà, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn "never": "Hardly had the rain stopped when the children ran out." "When" ló ń tẹ̀lé e. "No sooner" ló ni "than", torí pé "sooner" ń fi nǹkan wé nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin yẹn dá mi dúró nígbà tí mo ń nu pátákó. Ó ní, "Sà, 'without' ń kọ́?" Ó ti dán an wò nílé. "Without any money" dára, "without no money" ò dára, a jẹ́ pé ìyísódì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó so ìrù mọ́ ọn, ohun tó jáde ni "He left without any money, didn't he?", ìrù tó ń sọ pé ìyísódì kankan ò sí níbẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì padà. Mo fàlà sábẹ́ "without any money", mo ní agbára "without" ò kọjá ilẹ̀ yẹn. Ó lè gba "any" sábẹ́ torí pé àyíká rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n "left" wà lẹ́yìn odi, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ọkùnrin náà lọ, ìyẹn ni ìrù ń bèèrè nípa rẹ̀. "Hardly" ní tirẹ̀, orí ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló jókòó sí.

Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé 'He didn't leave without money' dára nìyẹn, sà?"

Mo ní kó jókòó, kó kọ ọ́ sí pátákó fún àwọn tó kù.